Àwòrán jiọ́mẹ́tírì tí wọn kò yà bá ìwọ̀n: kí ló ṣeé gbà gbọ́ nínú rẹ̀?

ÌyáMorẹ́nikẹ́

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè jiọ́mẹ́tírì kan ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín èmi àti ọmọ mi ọkùnrin tó ń múra ìdánwò. Mo ní kí n gbé e wá kí ẹ bá wa dá sí i. Ohun tí wọ́n kọ nìyí: B, C àti D wà lórí ìlà tó tọ́ kan ṣoṣo. AB = AD = DC. Igun BAC jẹ́ 84°. Ẹ wá igun ACB. Àwòrán onígun mẹ́ta ABC wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, D wà láàárín B àti C, wọ́n sì fa ìlà láti A wá sí D. Lábẹ́ àwòrán ni wọ́n kọ ọ́ wẹ́wẹ́ sí pé wọn kò yà á bá ìwọ̀n.

Ọmọ mi gbé purotírákítọ̀ lé e. Ó wọn igun BAC, 84° ló bá, gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe sọ. Ó ní àwòrán náà péye nìyẹn. Ó wọn B, ó rí 55°. Ó wọn C, ó rí 41°. Ó ròó pọ̀, ó jẹ́ 180°, ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀. Ìlà AD náà dúró ṣánṣán lórí BC, ó wọ̀n ọ́n, 90° ni. Ó kọ 41° sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Nígbà tí a ṣí ẹ̀yìn ìwé, 32° ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ohun tó ń bi mí ni pé, tí igun kan bá bá ìwé mu, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì pé 180°, ibo ni kí n tọ́ka sí kó lè rí i pé àwòrán yẹn kò ṣeé fọkàn tán?

Akin_Olóòótọ́

Màámi, ẹ kú làálàá. Ẹ má jẹ́ kó wo àwòrán yẹn rárá. Ẹ ní kó fi ọwọ́ bò ó. Tí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé wọn kò yà á bá ìwọ̀n, ọ̀ṣọ́ lásán ló jẹ́. Inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ ni ìdáhùn wà.

Ẹ pe igun C ní x. AD àti DC dọ́gba, nítorí náà igun DAC náà jẹ́ x. Igun ADB wà ní ìta onígun mẹ́ta ADC, àpapọ̀ igun méjì tó kọjú sí i ló jẹ́, ìyẹn 2x. AB àti AD dọ́gba, nítorí náà igun B náà jẹ́ 2x. Ẹ wá kó igun mẹ́ta ABC jọ:

2x + x + 84 = 180

3x = 96

x = 32

Ó parí. Kò sí ibi tí a ti nílò àwòrán.

Tísà_Àgbà

Ìṣirò Akin tọ́, 32° ni. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ lórí ohun tó sọ gbẹ̀yìn yẹn, mo máa padà sí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá Ìyá Morẹ́nikẹ́ lóhùn. Pípé tí igun mẹ́ta pé 180° kò fi hàn pé àwòrán náà tọ̀nà. Onígun mẹ́ta èyíkéyìí tí èèyàn bá fi rúlà fà, ì báà jẹ́ èyí tó wọ́ jù lọ, igun rẹ̀ á pé 180°. Ohun tí ọmọ yín rí kò ju pé onígun mẹ́ta lohun tó wà lórí bébà. Kò sọ bóyá òun ni onígun mẹ́ta tí ìbéèrè ń sọ. Pé 84° bára mu náà, ẹni tó ya àwòrán lè fara balẹ̀ ya igun kan ṣoṣo tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, kó má bìkítà fún ìyókù.

Ibi tí ẹ máa tọ́ka sí nìyí. Ẹ fún un ní rúlà, kó wọn AB, AD àti DC. Ìbéèrè ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Kó kọ ohun tó bá rí sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ síbí fún wa.

ÌyáMorẹ́nikẹ́

A ti wọ̀n ọ́n, sà. AB jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5. AD jẹ́ 4.1. DC jẹ́ 4.7. Ó wò ó títí. Ó tún un wọ̀n, nítorí ó rò pé rúlà ló yẹ̀ lọ́wọ́ òun.

Tísà_Àgbà

Rúlà kò yẹ̀. Àwòrán ló ń sọ ohun kan tí ìbéèrè kò sọ.

Ẹ wá jẹ́ kó dá 90° tó wọ̀n yẹn yẹ̀ wò láìlo rúlà rárá. Tí igun ADB bá jẹ́ 90° lóòótọ́, AB àti AD sì dọ́gba gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, igun B náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 90°. Onígun mẹ́ta ABD á wá ní 90° méjì, kò sì ní ku nǹkan kan fún igun A. Kò sí irú onígun mẹ́ta bẹ́ẹ̀ láyé. Nítorí náà, ohun tí ojú rí, tí purotírákítọ̀ sì jẹ́rìí sí, kò lè jẹ́ òtítọ́ pẹ̀lú ohun tí wọ́n kọ. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ibẹ̀ sílẹ̀, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n kọ.

Mo fẹ́ràn kí àwọn ọmọ máa ṣe irú àyẹ̀wò yìí ju kí n kàn pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n má wọ̀n. Ọmọ tí wọ́n bá pàṣẹ fún á pa àṣẹ mọ́ lọ́jọ́ náà, á tún máa fi ojú wọ̀n lọ́jọ́ kejì láìmọ̀. Ẹni tó ti rí onígun mẹ́ta tó ní 90° méjì lórí bébà ara rẹ̀ kò ní gbàgbé.

Àwọn mìíràn á tún wo àwòrán yẹn, wọ́n á ní D wà ní àárín gbùngbùn BC. Ẹ dán an wò lọ́nà kan náà. Tí BD bá dọ́gba pẹ̀lú DC, a jẹ́ pé AB, AD àti BD dọ́gba, igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ABD á jẹ́ 60° ọ̀kọ̀ọ̀kan. Igun ADC á jẹ́ 120°, C á jẹ́ 30°, igun BAC á sì di 90°. Ṣùgbọ́n 84° ni wọ́n kọ. Ìyẹn náà wó.

Ayàwòránilé

Ẹ kú ìjókòó o. Ó jọ pé ẹ kò tíì wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ṣé ẹ ti wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé bóyá wọ́n kọ ìwọ̀n síbẹ̀? Iṣẹ́ pílánì ilé ni mò ń ṣe. Tí wọ́n bá kọ 1:100, sẹ̀ǹtímítà kan lórí bébà dúró fún mítà kan nílẹ̀. Kí ọmọ náà fi ìwọ̀n yẹn sọ ohun tó wọ̀n di púpọ̀, ìdáhùn á jáde.

Àǹtí_Lẹ́sìnnì

Bùrọ̀dá, ìyẹn yàtọ̀ sí èyí. Ìwọ̀n 1:100 máa ń dín gígùn kù, kò ń yí igun padà. Igun 32° lórí ilẹ̀ á ṣì jẹ́ 32° lórí pílánì yín. Ti ọmọ yìí, igun gan-an ni wọ́n yà sódì, 41° ló wà níbi tó yẹ kí 32° wà. Kò sí nọ́ńbà tí a lè fi sọ ọ́ di púpọ̀ tó máa tún un ṣe.

Ayàwòránilé

Ó yé mi wàyí, Àǹtí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ti iṣẹ́ wa kún un, nítorí ó jọra. Lórí pílánì tí a yà bá ìwọ̀n gan-an, a ṣì máa ń kọ ọ́ sí i pé kí ẹnikẹ́ni má fi rúlà wọn bébà, nọ́ńbà tí a kọ ni kí wọ́n tẹ̀ lé. Ìdí ni pé wọ́n á ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ̀rọ á sún un kì tàbí kó fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, bébà náà lè sún kì fúnra rẹ̀. Bírikìlà tó bá fi rúlà wọ̀n ọ́n á gbé ògiri sí ibi tí kò yẹ. Bí nọ́ńbà tí a kọ bá sọ mítà 3.6, tí rúlà sọ 3.5, nọ́ńbà ló láṣẹ.

Tísà_Àgbà

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Èyí tí wọ́n kọ ló láṣẹ lórí èyí tí ojú rí, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ìbéèrè wa. Kí n má gbàgbé: ìbéèrè kan wà tó jẹ́ pé wíwọ̀n ni iṣẹ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi kọ́ńpáàsì àti rúlà ya onígun mẹ́ta kan, kó sì wọn ẹ̀gbẹ́ kẹta, àwòrán tirẹ̀ ló ń wọ̀n, òun fúnra rẹ̀ ló sì yà á bá ìwọ̀n. Kí ọmọ má gbé òfin èyí lọ síbẹ̀.

Mo wá padà sọ́dọ̀ Akin. O ní ká fi ọwọ́ bo àwòrán. Mo bẹ̀ ọ́, fi ọwọ́ bò ó lóòótọ́, kí o tún ìbéèrè kà: B, C àti D wà lórí ìlà tó tọ́ kan ṣoṣo, AB = AD = DC, igun BAC jẹ́ 84°. Ta ló sọ fún ọ pé D wà láàárín B àti C?

Ìlà tí o ti kọ ọ́ pé igun ADB wà ní ìta onígun mẹ́ta ADC, ibẹ̀ lo ti lo àwòrán. Ó máa wà ní ìta bẹ́ẹ̀ kìkì tí D bá wà láàárín. Ká ní C ló wà láàárín B àti D, ìyẹn ni pé D kọjá C sí iwájú, ìṣirò náà á yàtọ̀ pátápátá. Ẹ jẹ́ ká ṣe é.

Ẹ pe igun ACD ní y. AD àti DC dọ́gba, nítorí náà igun DAC náà jẹ́ y, igun D á sì ku 180 − 2y. AB àti AD dọ́gba, nítorí náà igun B bá igun D dọ́gba, òun náà jẹ́ 180 − 2y. Lọ́tẹ̀ yìí, igun ACD ló wà ní ìta onígun mẹ́ta ABC, nítorí náà ó jẹ́ àpapọ̀ B àti 84:

y = 180 − 2y + 84

3y = 264

y = 88

Igun ACB á wá jẹ́ 180 − 88, ìyẹn 92°. Igun B á jẹ́ 4°. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: 84 àti 92 àti 4 jẹ́ 180. Onígun mẹ́ta gidi ni, ó kàn tẹ́ pẹrẹsẹ ni. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ìbéèrè tó lè lé e jáde.

Ọ̀rọ̀ kan náà, ìdáhùn méjì, 32° àti 92°. Àwòrán nìkan ló yan 32° fún wa, nítorí pé ó fi D sí àárín B àti C. Nítorí náà, àwòrán yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó ń sọ ohun kan fún wa tí wọn kò kọ.

Akin_Olóòótọ́

Tísà, èyí jinlẹ̀. Mo ti ya ti 92° yẹn síbí, ó jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lójú mi. Tí àwòrán bá lè purọ́ nípa igun, kí ló dé tí a fi gbà á gbọ́ nípa ibi tí D wà? Ẹni tó ya 41° síbi tó yẹ kó jẹ́ 32°, kí ni kò ní jẹ́ kó gbé D sí ibi tí kò yẹ?

GRE_Ọdúnyìí

Mo lè dá èyí lóhùn nítorí mò ń múra ìdánwò GRE lọ́wọ́lọ́wọ́, wọ́n sì kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ kedere fún wa. Wọ́n ní àwòrán jiọ́mẹ́tírì wọn lè má bá ìwọ̀n mu. Èèyàn kò gbọdọ̀ fi ojú tàbí fi rúlà mọ bí igun ṣe tóbi tó tàbí bí ìlà ṣe gùn tó. Ṣùgbọ́n a lè gbà pé ìlà tí wọ́n fà tọ́ jẹ́ ìlà tó tọ́, pé àwọn àmì orí ìlà tò tẹ̀ léra bí wọ́n ṣe tò ó, àti pé ohun gbogbo wà ní apá ibi tí wọ́n yà á sí. Èyí tó wà ní òkè wà ní òkè, èyí tó wà nínú wà nínú.

Wọ́n tún yọ irú àwòrán kan sọ́tọ̀. Ìlà nọ́ńbà àti àwòrán tó ní ìlà x àti ìlà y, wọ́n yà ìyẹn bá ìwọ̀n, èèyàn lè fi ojú wò wọ́n kó sì fi wọ́n wé ara wọn.

Nítorí náà Akin, wọn kò sọ pé àwòrán ń purọ́. Bí nǹkan ṣe tò ni wọ́n fi ń bá wa sọ̀rọ̀, bí nǹkan ṣe tóbi ni wọn kò fi sọ nǹkan kan.

Tísà_Àgbà

O ṣe é, ọmọ mi. Ọ̀nà tí mo fi ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tèmi nìyí: bí ẹ bá fa àwòrán yẹn gùn, tí ẹ sún A sí ọ̀tún tàbí sí òsì, tí ẹ ń ti D síwá sẹ́yìn láàárín B àti C, kí ni kò yí padà? D ṣì wà láàárín. A ṣì wà lápá kan náà ìlà BC. Ìlà AD ṣì pín onígun mẹ́ta sí méjì, igun BAD àti DAC sì ṣì parapọ̀ di BAC. Ìwọ̀nyẹn ló ṣeé gbà gbọ́. Ohun tó ń yí padà bí ẹ ṣe ń sún nǹkan, igun tó jọ 90°, ìlà méjì tó jọ pé wọ́n dọ́gba, ìlà tó jọ pé kò ní pàdé èkejì láé, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìyẹn tàbí kí wọ́n fi àmì sí i.

Àǹtí_Lẹ́sìnnì

Ọ̀nà tí mo ń gbà fi èyí kọ́ àwọn ọmọ nílé ni pé n kò jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ lórí àwòrán inú ìwé. Mo ní kí wọ́n ka ìbéèrè, kí wọ́n sì tún àwòrán yà fúnra wọn lẹ́ẹ̀mejì, láìlo rúlà. Àkọ́kọ́, kí D sún mọ́ B gan-an. Ìkejì, kí D sún mọ́ C gan-an. Wọ́n á fi àmì kékeré sórí AB, AD àti DC nínú méjèèjì láti fi hàn pé wọ́n dọ́gba, wọ́n á sì kọ 84 sí igun A. Nígbà tí méjèèjì bá wà níwájú wọn tí wọn kò jọra, kò sí ọmọ tó tún máa sọ pé AD dúró ṣánṣán, nítorí pé nínú ọ̀kan ó tẹ̀ sọ́tùn-ún, nínú èkejì ó tẹ̀ sósì. Ohun tí wọ́n bá lè kọ sórí méjèèjì láìyí i padà ni wọ́n á fi ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn tí ìdáhùn bá jáde ni rúlà àti purotírákítọ̀ máa ń wọlé. Ìyá Morẹ́nikẹ́, ẹ ní kí ọmọ yín ya èyí: kó fa BC ní sẹ̀ǹtímítà 10. Kó ya igun 64° sí B, nítorí pé B jẹ́ 2x, kó sì ya 32° sí C. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni A. Kó gbé ẹsẹ̀ kọ́ńpáàsì sórí A, kó ṣí i dé B, kó yí i kó gé BC. Ibi tó gé ni D. Kó wá wọn DC. Tí 32° bá tọ́, DC gbọ́dọ̀ bá AB dọ́gba, méjèèjì á sún mọ́ 5.3, BD á sì jẹ́ nǹkan bí 4.7. Tó bá fi 41° àti 55° tirẹ̀ ṣe ohun kan náà, kọ́ńpáàsì yóò gé BC ní ibòmíràn, DC kò sì ní bá AB dọ́gba.

Tòbí_ń_Kàwé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo tèmi náà. Òbìrí ni. A, B àti C wà létí òbìrí. Wọ́n fa AB, ó gba àárín kọjá. Igun BAC jẹ́ 35°. Wọ́n ní ká wá ABC. Mo mọ̀ pé tí ìlà bá gba àárín òbìrí kọjá, igun tó kọjú sí i létí òbìrí jẹ́ 90°, nítorí náà mo kọ 55°. Ìwé ní kò ṣeé mọ̀. Mo rò pé ìwé ló ṣì í.

Tísà_Àgbà

Tòbí, ṣé wọ́n fi àmì O sí àárín òbìrí? Ṣé wọ́n kọ ọ́ níbì kan pé AB gba àárín kọjá?

Tòbí_ń_Kàwé

Rárá sà, kò sí O. Wọn kò kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó hàn gbangba pé àárín ló gbà. Ó pín òbìrí sí méjì ọgbọọgba.

Tísà_Àgbà

Ohun tó hàn gbangba yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ṣe èyí: ya òbìrí kan, fa AB tó yẹ̀ kúrò ní àárín díẹ̀, kó wà ní apá ìsàlẹ̀. Fi C sí òkè, kí igun A jẹ́ 35°. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ìbéèrè tó tàsé: A, B àti C ṣì wà létí òbìrí, igun BAC ṣì jẹ́ 35°. Ṣùgbọ́n igun C kò tún jẹ́ 90° mọ́, ó lè jẹ́ 80°, B á sì di 65°. Tún fa AB sí ibòmíràn, wàá rí nọ́ńbà mìíràn. Bí àwòrán méjì bá tẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ìbéèrè lọ́rùn, tí wọ́n sì fún wa ní ìdáhùn méjì, kò ṣeé mọ̀ lóòótọ́. Ìwé náà tọ̀nà.

Ká ní wọ́n fi O síbẹ̀, tí wọ́n pè é ní àárín òbìrí, tí O sì wà lórí ìlà AB nínú àwòrán, 55° ni. Nígbà yẹn, ibi tí àmì wà ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ojú wa tó ń díwọ̀n ọgbọọgba.

Akin_Olóòótọ́

Tísà, mo gbà èyí. Èyí tó wá kù tó ń kọ mí lóminú ni ìlà tó fara kan òbìrí. Wọ́n á ya ìlà PT, ó jọ pé ó fara kan òbìrí ní T nìkan, wọn kò kọ ọ́. Ṣé bí nǹkan ṣe tò ni ìyẹn tàbí bí nǹkan ṣe tóbi? Nítorí tó bá fara kàn án ní T nìkan, OT àti PT gbọ́dọ̀ ṣe 90°. Tó bá wọnú rẹ̀ díẹ̀, tó tún gé e níbòmíràn, 90° yẹn ti lọ.

GRE_Ọdúnyìí

Lójú tèmi, bí nǹkan ṣe tò ni. Àwòrán fi hàn pé ìlà àti òbìrí pàdé níbì kan ṣoṣo. Ká ní wọ́n pàdé níbi méjì, wọn ì bá ya ibi méjì.

Àǹtí_Lẹ́sìnnì

Èmi kò gbà á. Ìlà tó gé òbìrí níbi méjì tí wọ́n sún mọ́ra gan-an kò yàtọ̀ lójú sí èyí tó fara kàn án lásán, pàápàá lórí ìwé tí yíǹkì rẹ̀ nípọn. Mo ní kí àwọn ọmọ mi kọ ọ́ sókè iṣẹ́ wọn pé wọ́n gbà pé PT fara kan òbìrí ní T nìkan, kí wọ́n tó lo 90°. Ẹni tó ń máàkì á rí ohun tí wọ́n gbà, kò ní rò pé wọn kò mọ̀ ọ́n.

Akin_Olóòótọ́

Tó bá jẹ́ ìbéèrè tí èèyàn ń yan A, B, C tàbí D ńkọ́? Kò sí ibi tí a ti máa kọ nǹkan sí.

Tísà_Àgbà

Níbẹ̀, ẹ wo ohun tí wọ́n ní kí ẹ yàn. Tí ọ̀kan nínú wọn bá sọ pé kò ṣeé mọ̀, ọ̀rọ̀ ìlà PT yẹn á le, èmi náà kò ní fi gbogbo ẹnu sọ èyí tó yẹ. Tí kò bá sí èyí tó sọ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tó ṣe ìbéèrè gbà pé ó ní ìdáhùn kan, nígbà míì kò sì ní sí ọ̀nà débẹ̀ àyàfi tí PT bá fara kan òbìrí. Mo mọ̀ pé Àǹtí kò ní fẹ́ràn ìyẹn.

Àǹtí_Lẹ́sìnnì

Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, sà. Ìyẹn ti di kíka ọkàn ẹni tó ṣe ìbéèrè, kì í ṣe jiọ́mẹ́tírì mọ́.

ÌyáMorẹ́nikẹ́

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ó ti ya èyí tí Àǹtí ní kó yà. AB jẹ́ 5.3, DC jẹ́ 5.3, BD jẹ́ 4.7. Ó tún fi 55° àti 41° rẹ̀ yà á: AB jẹ́ 6.6, kọ́ńpáàsì gé BC níbi tó jìnnà sí B, DC sì ku 2.4 péré. Ó ti gbà wàyí.

Ó ní kí n bi yín ní ọ̀kan sí i. Nínú ìbéèrè tó kàn, wọ́n fa àmì kékeré méjì-méjì sórí ìlà PQ àti RS, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ pé PQ = RS. Orí àwòrán ni àmì náà wà, àwòrán náà kò sì bá ìwọ̀n mu. Ṣé kó gbà á?

Tísà_Àgbà

Kó gbà á. Àmì yẹn dà bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ, orí àwòrán ni wọ́n kàn kọ ọ́ sí. Ọ̀kan náà ni àpótí kékeré ní kọ̀rọ̀ igun tó ń sọ pé 90° ni, àti ọfà lórí ìlà méjì tó ń sọ pé wọn kò ní pàdé láé. Àmọ́ kó ka àmì náà dáadáa: ìlà tó ní àmì méjì bá ìlà tó ní àmì méjì dọ́gba, àmì náà kò sọ pé ó bá ìlà tó ní àmì kan dọ́gba. Tí ìlà mìíràn nínú àwòrán náà bá ní àmì kan ṣoṣo, kó má kó o mọ́ wọn, bí ó ti wù kí gígùn wọn jọra tó lójú.